Fáìlì Tí Kì Í Sọ Orúkọ Ohun Tó Gbé Wá

Bánkì tí ilé-iṣẹ́ wa ń lò kọ lẹ́tà sí wa láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn kò ní í fi fáìlì alaalẹ́ ránṣẹ́ sí wa mọ́. Bí oníbàárà bá ti ń sanwó ni ìròyìn rẹ̀ yóò máa wọ kọ̀ǹpútà wa lójú ẹsẹ̀, ní ìrísí JSON, orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbangba: `accountNumber`, `payerName`, `amount`. Inú àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dùn sí i. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fáìlì àtijọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "Bùọ̀dá, níbo gan-an ni owó wà nínú gbogbo nọ́mbà wọ̀nyí?" Mo ní ó wà láti ipò 45 dé ipò 58. N kò wo ìwé kankan kí n tó dá a lóhùn, àfi bí ẹni pé ẹnì kan bi mí ní orúkọ àbúrò mi.

Ìyẹ̀fun ni ilé-iṣẹ́ wa ń tà ní Ìbàdàn nígbà tí fáìlì yẹn dé, àwọn oníbúrẹ́dì sì ni ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wa. Wọn kì í kó owó wá bá wa. Ẹ̀ka bánkì tó bá sún mọ́ wọn ni wọ́n ti ń san án, bóyá ní Òkè-Àdó, bóyá ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bánkì á kó gbogbo ìsanwó ọjọ́ náà sínú fáìlì kan, wọn á fi ránṣẹ́. Kí àwọn awakọ̀ tó kó ẹrù jáde láàárọ̀, a gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó sanwó àti iye tó san. Bí fáìlì náà ṣe máa ń rí rèé, mo kàn fi nọ́mbà kíka sókè kí ẹ lè bá mi kà á:

```
         1         2         3         4         5         6         7         8
12345678901234567890123456789012345678901234567890123456789012345678901234567890
D201203140123456789ONIBUREDI OKE-ADO        00000004575000COWO IYEFUN
```

Ẹ ò rí kọ́mà níbẹ̀, ẹ ò rí àkọlé, kò sí ohunkóhun tó pààlà láàárín ohun kan àti èkejì. Kìkì ipò ni ààlà. D tó wà ní ipò 1 ń sọ pé ìlà ìsanwó ni èyí. Láti ipò 2 dé 9 ni ọjọ́ wà, ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ ló kẹ́yìn: ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2012. Nọ́mbà àkáǹtì wà ní 10 dé 19, orúkọ wà ní 20 dé 44, a sì fi àlàfo dí ibi tí orúkọ náà kò dé. Owó ló gba 45 dé 58, kọ́bọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, láìsí àmì kankan tó ya náírà sọ́tọ̀, òdo ni wọ́n sì fi dí iwájú rẹ̀. Nítorí náà 00000004575000 jẹ́ ₦45,750.00. C tó wà ní ipò 59 ń sọ pé owó wọlé. Bí ó bá jẹ́ D, owó jáde. Ìyókù jẹ́ àlàyé tí ẹni tó sanwó kọ sílẹ̀.

Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí tó wà nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Orí bébà kan ló wà, tí bánkì tẹ̀ fún wa lọ́tọ̀, tí à ń pè ní ìwé ipò. Ẹni tí kò bá ní ìwé náà lọ́wọ́, kó wo fáìlì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ibi tí àṣà yìí ti wá jìnnà. Ní ọdún 1928 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé káàdì páálí oníhò tó ní òpó 80 jáde, tó jẹ́ pé ibi tí ihò bá wà lórí káàdì ni ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tó ń kà. Nígbà tí èdè COBOL dé lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó gba àṣà káàdì yẹn wọlé. Akọ̀wé ètò á kọ `PIC X(25)` fún orúkọ tó gba ipò 25, á sì kọ `PIC 9(12)V99` fún owó, V yẹn sì ni ibi tó yẹ kí àmì kọ́bọ̀ wà bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ jáde. Káàdì ti kúrò lóde, ṣùgbọ́n ìlà tí a fi ipò pín kò kúrò. Títí di òní, fáìlì tí àwọn bánkì Amẹ́ríkà fi ń san owó oṣù, èyí tí Nacha ń ṣàkóso, ipò 94 ni ìlà rẹ̀ ń gbà. Ní Brazil náà, wọ́n ń lo CNAB onípò 240.

Màmá Àkáǹtì ló kọ́ mi ní kíka fáìlì yìí. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè wọ́n nìyẹn, àwọn ni olórí ìṣirò owó. Wọn kì í kà á lójú ẹ̀rọ. Wọ́n á ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pírńtà alábẹ́rẹ́ tó wà ní igun yàrá, èyí tó máa ń pariwo débi pé ẹni tó bá ń gba fóònù yóò jáde síta. Bébà rẹ̀ ní ìlà aláwọ̀ ewé àti funfun, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ létí. Wọ́n á tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, wọ́n á fi rúlà gígùn lé e lóòró, wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ipò 19, lẹ́yìn 44, lẹ́yìn 58. Pírńtà yẹn ń fún gbogbo lẹ́tà ní ìwọ̀n kan náà, ì báà jẹ́ tínrín tàbí ńlá, nítorí náà ìlà pupa náà máa ń gún régé. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá gun orí ìlà pupa, wọ́n á ti rí i. Wọ́n á ní, "Wò ó, èyí ti yẹ̀." Mo ti rí kí wọ́n gbé ojú lé bébà tó kún fún nọ́mbà, kí wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí ìlà tó yẹ̀ náà kí n tó jókòó.

Èmi ni mo ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Nínú Excel ni mo kọ ọ́ sí, pẹ̀lú àṣẹ `Mid`: `Mid(ila, 45, 14)` yóò bẹ̀rẹ̀ láti ipò 45, yóò sì mú ipò 14. Gígé kò le rárá. Ohun tó le ni kí ohun tí a gé wà bí bánkì ṣe kọ ọ́. Nọ́mbà àkáǹtì ló kọ́kọ́ fi èyí hàn wá. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìlànà NUBAN jáde ní ọdún 2010, pé kí nọ́mbà àkáǹtì ní gbogbo bánkì jẹ́ díjíìtì 10. Òdo ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bá ṣí fáìlì náà nínú Excel, tó sì gé e sí òpó láìsọ pé ọ̀rọ̀ ni nọ́mbà náà, Excel á rò pé nọ́mbà ìṣirò ni, á gé òdo iwájú dànù, 0123456789 á di 123456789, kò sì ní í bá àkáǹtì kankan mu nínú ìwé wa. Nọ́mbà àkáǹtì kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ìṣirò; orúkọ ni, ó kàn jẹ́ pé díjíìtì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ohun èlò òde òní náà ní àléébù yìí. Bí ẹ bá fi `pandas.read_fwf` ka irú fáìlì yìí láìfi `dtype=str` sí i, òdo á lọ. Bí ẹ kò bá sì fún un ní ipò fúnra yín, á wo 100 ìlà àkọ́kọ́, á máa fi àlàfo méfò ibi tí ààlà wà. Nínú ìlà tí mo fi hàn yín lókè, ọjọ́, nọ́mbà àti orúkọ lẹ̀ mọ́ra wọn, nítorí náà irú àmèfò bẹ́ẹ̀ kò lè tọ̀nà láéláé.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù ni ti oníbàárà kan tí orúkọ àkáǹtì rẹ̀ ní àmì `&` nínú. Ìparí fáìlì kọ̀ọ̀kan máa ń ní ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, tí bánkì ti kọ iye ìlà tó wà nínú fáìlì àti àpapọ̀ owó gbogbo wọn. Ètò tèmi máa ń ro owó tó kà pọ̀, á sì fi wé ti ìlà T. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò bára mu. Iye ìlà pé, ṣùgbọ́n owó tiwa fi ₦45,745.43 dín sí ti bánkì.

Mo rò pé owó kan ni kò wọlé. Màmá Àkáǹtì gba bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ta ló ń san kọ́bọ̀ 43 fún ìyẹ̀fun?" Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń ná kọ́bọ̀ mọ́ lọ́jà nígbà yẹn, gbogbo owó tí àwọn oníbúrẹ́dì ń san ló ń parí sí òdo méjì. Bí ó bá jẹ́ pé odindi ìsanwó kan ló sọnù, iye tó dín á parí sí òdo méjì náà. Kọ́bọ̀ tó yọjú yìí ń sọ pé ìsanwó náà wà nílé, àwọn díjíìtì rẹ̀ ni kò sí ní ipò wọn. A wá owó oníkọ́bọ̀ nínú ohun tí ètò mi kà, a rí ẹyọ kan: ₦4.57. A fi ìlà rẹ̀ sábẹ́ ìlà tó pé, a sì rí ọ̀ràn náà:

```
D201203140123456789ONIBUREDI OKE-ADO        00000004575000COWO IYEFUN
D201203140123456798ONIBUREDI &amp; OMO          00000004575000COWO IYEFUN
```

Ẹ wo bí owó ìlà kejì ṣe sún sí ọ̀tún. Níbì kan nínú ètò bánkì, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àlàfo dí orúkọ títí ó fi pé ipò 25, ohun kan tó ń múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ojú ìwé ayélujára ti sọ `&` di `&amp;`. Lẹ́tà mẹ́rin ló fi lé e, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ sì fi ipò mẹ́rin sún. Nígbà tí ètò mi gé ipò 45 dé 58, àlàfo mẹ́rin ló kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà ló bá díjíìtì mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú owó: 0000000457. Kọ̀ǹpútà kò ka àlàfo iwájú sí, ó ní kọ́bọ̀ 457 ni, ó sì gbà á láìjiyàn. ₦45,750.00 ti di ₦4.57, kò sì sí ariwo kankan.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé, bí kì í bá ṣe ìlà T, oníbúrẹ́dì yẹn ni ìyà náà ì bá jẹ. Ó ti sanwó, ó ní ìwé ẹ̀rí bánkì lọ́wọ́, ìwé tiwa á sì máa sọ pé ó jẹ gbèsè. A pe ẹ̀ka bánkì. Òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù ní fáìlì náà dára lójú ẹ̀rọ tiwọn, nítorí ojú ẹ̀rọ tiwọn á ka `&amp;` gẹ́gẹ́ bí `&`, kò sì sí ohun tó yẹ̀ lójú wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi àyẹ̀wò méjì sí gbogbo ètò tí mo bá kọ, kí a tó gba ìlà kan wọlé. Èkíní, ìlà kò gbọdọ̀ gùn ju 80 lọ. Ó lè kúrú, nítorí àwọn ètò kan máa ń gé àlàfo ìparí dànù kí fáìlì tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá gùn jù, ohun kan ti wọ inú rẹ̀. Ìlà wa yẹn jẹ́ 84 pẹ̀lú àlàfo ìparí rẹ̀. Níwọ̀n bí àlàfo ìparí ti lè sọnù, àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó. Ìkejì ló dájú jù: ipò 59 gbọ́dọ̀ jẹ́ C tàbí D. Nínú ìlà tó yẹ̀ yẹn, 5 ló wà níbẹ̀. Ipò kan ṣoṣo tí ohun tó lè wà níbẹ̀ kò ju méjì lọ, tó sì jókòó lẹ́yìn owó gẹ́lẹ́, ń ṣọ́ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tó yá, bánkì pààrọ̀ ètò wọn, orúkọ oníbàárà mélòó kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀. Inú mi dùn láti rí orúkọ Yorùbá bó ṣe yẹ kó rí nínú ìwé bánkì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà ka lẹ́tà wa kò bá ti ojú mu. Ẹ wo Ọ̀ tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Nínú Unicode, ó jẹ́ méjì, Ọ fúnra rẹ̀ àti àmì ohùn tó dúró lọ́tọ̀. Bí a bá kọ ọ́ sí fáìlì ní UTF-8, Ọ gba báìtì mẹ́ta, àmì ohùn gba méjì, àpapọ̀ wọn jẹ́ báìtì márùn-ún. Báìtì ni bánkì ń kà kí orúkọ tó pé 25. Bí ètò wa bá kọ́kọ́ sọ ìlà di lẹ́tà kó tó gé e, Ọ̀ kan ṣoṣo á fa owó sí òsì ní ipò mẹ́ta. Ohun tó máa bá ní ààyè owó ni `00004575000COW`. Ó kéré tán, èyí pariwo. Bí kò tilẹ̀ sí àyẹ̀wò ipò 59, kọ̀ǹpútà kò lè sọ COW di kọ́bọ̀, ó dúró, ó sì sọ ìlà tí ó ti dúró. Mo fẹ́ràn àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró ju èyí tó ń bá wa jẹun lọ́dọọdún tí a kò mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn. Báìtì la ó gé, lẹ́yìn náà la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di lẹ́tà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ní Python nìyí. Ibẹ̀ ń ka ipò láti òdo, nítorí náà ipò 45 wa jẹ́ 44 tiwọn:

```python
IPO = [("iru", 0, 1), ("ojo", 1, 9), ("nomba", 9, 19),
       ("oruko", 19, 44), ("kobo", 44, 58),
       ("ami", 58, 59), ("alaye", 59, 80)]

def ka_ila(b):
    b = b.rstrip(b"\r\n")
    if len(b) > 80 or b[58:59] not in (b"C", b"D"):
        raise ValueError(b)
    return {o: b[i:j].decode("utf-8", "replace").strip()
            for o, i, j in IPO}
```

Mo fi `"replace"` síbẹ̀ nítorí pé bí orúkọ bá gùn ju báìtì 25, bánkì lè gé Ọ sí méjì ní ìparí rẹ̀, ààbọ̀ lẹ́tà kò sì ṣeé kà. Orúkọ tó ní àmì ìbéèrè ní ìdí sàn ju kí a kọ owó ẹni náà lọ. Ìlà D nìkan là ń kó sínú èyí. Ìlà T ní ìwé ipò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n má ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ yẹn dára ju tòní lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bi mí léèrè yẹn mú JSON tuntun, ó sì ti rí owó, orúkọ àti ọjọ́ kí ó tó mu omi. Kò nílò rúlà, kò nílò Màmá Àkáǹtì, orúkọ tó gùn kò sì lè ti owó kúrò ní ipò rẹ̀. Ìtura ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwòṣe tí bánkì fi ránṣẹ́, mo rí ohun méjì. Wọ́n kọ nọ́mbà àkáǹtì bí nọ́mbà ìṣirò, láìsí àmì ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, JSON kò sì gba òdo síwájú nọ́mbà ìṣirò. Òdo wa ti sọnù láti orísun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ti fáìlì àtijọ́, ó kéré tán, ọwọ́ tiwa ló ti ń sọnù. Èkejì, kò sí ìlà T mọ́. Ìsanwó ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún wa nírọ̀lẹ́ pé iye báyìí ni gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá dé, kò sí ibi tí àìdé rẹ̀ yóò ti hàn. Mo ti kọ̀wé sí bánkì pé kí wọ́n sọ nọ́mbà àkáǹtì di ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa fi iye ìsanwó àti àpapọ̀ owó ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Fáìlì àtijọ́ wa ṣì wà nínú àpótí àkójọ, ti ṣáájú NUBAN àti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé ipò wọn yàtọ̀. Ní ti ìṣáájú, nọ́mbà àkáǹtì gba ipò 13, orúkọ sì gba 22. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé ipò tuntun ka fáìlì àtijọ́, nọ́mbà á pàdánù díjíìtì mẹ́ta ìparí, orúkọ á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ìwé tí Màmá Àkáǹtì fi sínú dúrọ́ọ̀ wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì nìkan ló ń sọ èyí. Mo ti ya àwòrán rẹ̀, mo sì ti kó o sínú fódà kan náà pẹ̀lú àwọn fáìlì ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, ẹ wá ìwé ipò tirẹ̀ lónìí, kí ẹni tó mọ ibi tó wà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.